Owó Áàpù Tó Gba Ọwọ́ Google Tàbí Apple Kọjá: Bí Ẹ Ṣe Máa Tọpa Rẹ̀

Bí ẹ bá rí "GOOGLE *" tàbí "APPLE.COM/BILL" nínú àlẹ́ẹ̀tì ilé ìfowópamọ́ yín, tí ẹ kò sì rántí ohun tí ẹ rà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú áàpù kan ni owó náà gbà jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á kọ́kọ́ kọ̀wé sí àwọn tó ṣe áàpù náà pé kí wọ́n yọ káàdì àwọn kúrò. Èsì tó máa ń wá ni pé káàdì kankan kò sí lọ́wọ́ wọn. Inú á bí ẹni tó kọ̀wé, á rò pé wọ́n ń purọ́ fún òun, bẹ́ẹ̀ òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tó gba owó ni ilé ìtajà tó wà lórí fóònù: Google Play lórí Android, App Store lórí iPhone. Ibẹ̀ ni ẹ máa gbé ọ̀rọ̀ náà lọ, ẹ sì ní láti mọ àkáǹtì tó sanwó kí ẹ tó lọ.

Orí Android ni mo máa dúró sí jù, torí òun ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa. Màá sọ ti iPhone níbi tó bá ti yàtọ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì

Ká ní ẹ wà nínú géèmù, ẹ sì fẹ́ ra owó ẹyọ tí wọ́n fi ń ta á. Ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ iye sí, ojú ìwé kékeré kan á sì yọ láti ìsàlẹ̀ fóònù. Géèmù kọ́ ló ni ojú ìwé yẹn, Google Play ló ni ín. Ẹ fara balẹ̀ wò ó: orúkọ ohun tí ẹ fẹ́ rà wà níbẹ̀, iye rẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀nà tí owó máa gbà jáde wà níbẹ̀, àdírẹ́sì ímeèlì kan náà sì wà níbẹ̀. Ímeèlì yẹn ló ṣe pàtàkì jù, òun sì ni a kì í sábà kà. Òun ló ń sọ ẹni tó máa sanwó.

Tí ẹ bá ti gbà, Google á yọ owó lórí káàdì tó wà nínú àkáǹtì yẹn, á wá fi àmì kan ránṣẹ́ sí áàpù pé ẹni yìí ti sanwó. Àmì yẹn ló ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe áàpù. Nọ́ńbà káàdì kì í dé ọ̀dọ̀ wọn. Áàpù á ṣí ohun tí ẹ rà fún yín, á sì dá Google lóhùn pé òun ti rí àmì náà gbà. Bí kò bá dáhùn láàárín ọjọ́ 3, Google á dá owó padà fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíì fi ń sanwó, tí ohun tó rà kò jáde, tí owó rẹ̀ á sì tún padà wá láìjẹ́ pé ó bẹ ẹnikẹ́ni.

Ó dà bí ẹni tó gbé ọjà rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù oníṣọ́ọ̀bù. Oníṣọ́ọ̀bù ló ń gba owó, á yọ tirẹ̀, á wá fún ọlọ́jà ní ìyókù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, tirẹ̀ yẹn sábà máa ń jẹ́ ìdá 15 tàbí 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí nìyí tí iye inú áàpù fi máa ń ga nígbà mìíràn ju iye tí ilé-iṣẹ́ kan náà ń gbà lórí ìkànnì rẹ̀ lọ. Ní 2023, ará Amẹ́ríkà tó bá san owó YouTube Premium lórí ìkànnì ń san dọ́là 13.99 lóṣù, ẹni tó bá san án nínú áàpù orí iPhone ń san dọ́là 18.99. Fídíò kan náà ni àwọn méjèèjì ń wò.

Kì í ṣe gbogbo owó inú áàpù ló ń gba ọ̀nà yìí o. Ọkọ̀ tí ẹ fi Bolt pè, bàtà tí ẹ rà lórí Jumia, owó tí ẹ fi áàpù ilé ìfowópamọ́ ránṣẹ́ sílé, àwọn yẹn ń gba owó wọn fúnra wọn. Ohun tí à ń lò lórí fóònù nìkan ló ń gba ọwọ́ ilé ìtajà kọjá: owó ẹyọ inú géèmù, ìpolówó tí ẹ sanwó kí wọ́n yọ kúrò, àti àsansílẹ̀ olóṣooṣù tàbí ọlọ́dọọdún. Nítorí náà, tí ẹ bá rí "GOOGLE *" nínú àlẹ́ẹ̀tì, ẹ má wulẹ̀ lọ bá awakọ̀ jà.

Àkáǹtì méjì tí a máa ń pa pọ̀

Ibí yìí ni ìdààmú ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí áàpù bá ní kí ẹ forúkọ sílẹ̀, ẹ lè fi nọ́ńbà fóònù yín tàbí ímeèlì kan ṣe é. Àkáǹtì inú áàpù nìyẹn. Àkáǹtì tí fóònù fi ń bá Google Play ṣe yàtọ̀ sí i pátápátá, òun ló sì ní káàdì nínú. Orúkọ yín lè wà lórí ti àkọ́kọ́ kí orúkọ ẹlòmíràn wà lórí ìkejì. Ilé ìtajà kò mọ ẹni tó di fóònù mú, àkáǹtì ló mọ̀.

Bí àkáǹtì Google bá ju ẹyọ kan lọ lórí fóònù, àkáǹtì tí wọ́n fi gbé áàpù náà wá sórí fóònù ló sábà máa ń sanwó ohun tí wọ́n bá rà nínú rẹ̀. Ẹ lè yí àwòrán orí Google Play padà sí àkáǹtì mìíràn lónìí, kí áàpù tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀ ṣì máa gbé owó rẹ̀ lọ sí ti àtijọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ kan tó wọ́pọ̀ láàárín àwa tí a ní èèyàn lókè òkun. Ọmọ kan wà ní London, ó ra fóònù tuntun, ó fi ti àtijọ́ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Kò yọ àkáǹtì rẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, torí ó fẹ́ kí WhatsApp àti àwọn áàpù yòókù ti wà níbẹ̀ kí màmá má baà ṣe wàhálà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, ọmọ-ọmọ màmá rí áàpù kan tó ń kọ́ ọmọdé ní álífábẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni fún ọjọ́ 7, lẹ́yìn náà pọ́n-ùn 4.99 lóṣù. Màmá rí "ọ̀fẹ́", wọ́n ní kó tẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta, owó àkọ́kọ́ jáde ní London. Òmíràn jáde ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin, òmíràn tún jáde ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún. Ọjọ́ kejì èyí tó kẹ́yìn ni ọmọ náà tó ṣàkíyèsí. Pọ́n-ùn 14.97 ti lọ.

Ẹ wò ó pé pọ́n-ùn ni wọ́n kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Abẹ́òkúta ni fóònù wà. Orílẹ̀-èdè tí àkáǹtì náà jẹ́ tirẹ̀ ló ń pinnu irú owó tí wọ́n máa kọ, kì í ṣe ibi tí fóònù wà. Tí màmá bá ti kà á dáadáa, àmì £ tó wà níwájú iye yẹn nìkan ti tó láti fi mọ̀ pé kì í ṣe àkáǹtì tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wá rìsíìtì, kì í ṣe àlẹ́ẹ̀tì

Àlẹ́ẹ̀tì kò ní sọ púpọ̀. Rìsíìtì ló ní gbogbo rẹ̀ nínú, inú ímeèlì àkáǹtì tó sanwó ló sì ń lọ. Ẹ ṣí ímeèlì náà, ẹ wá ọ̀rọ̀ yìí:

```
googleplay-noreply@google.com
```

Nínú rìsíìtì, ẹ wá nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "GPA." Bó ṣe máa ń rí nìyí:

```
GPA.1234-5678-9012-34567..2
```

Ẹ wo ìparí rẹ̀ dáadáa. Ohun tí a rà lẹ́ẹ̀kan kò ní àmì méjì àti nọ́ńbà lẹ́yìn. Àsansílẹ̀ tó ti tún ara rẹ̀ ṣe ló ní in: "..0" ni ìgbà àkọ́kọ́ tó tún ara rẹ̀ ṣe, "..1" ni ìkejì, "..2" ni ìkẹta. Nínú ọ̀rọ̀ ti Abẹ́òkúta yìí, ọjọ́ 7 ọ̀fẹ́ ló ní nọ́ńbà tí kò ní ìrù, owó oṣù Kẹta ní "..0", ti oṣù Karùn-ún sì ní "..2". Ọmọ tó wà ní London yìí lè ti ibẹ̀ mọ̀ pé owó ti jáde lẹ́ẹ̀mẹta, kó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wo ìwé ìfowópamọ́ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Bí rìsíìtì kò bá sí nínú ímeèlì tí ẹ ń wò, ẹ má tíì pariwo olè. Ó lè jẹ́ pé ímeèlì yín mìíràn ló wà, èyí tí ẹ fi ra fóònù àkọ́kọ́ tí ẹ ti gbàgbé. Ẹ wá a níbẹ̀ náà.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wọ inú àkáǹtì náà

Ẹ ṣí Google Play, ẹ tẹ àwòrán tó wà lápá ọ̀tún lókè. Ímeèlì tó bá yọ ni àkáǹtì tí ẹ wà nínú rẹ̀ báyìí; àmì kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á jẹ́ kí ẹ bọ́ sí òmíràn. Ẹ tẹ "Payments & subscriptions". "Budget & history" á fi gbogbo ohun tí àkáǹtì náà ti rà hàn yín. "Subscriptions" á fi àsansílẹ̀ tó ṣì ń lọ hàn, pẹ̀lú ọjọ́ tí owó tún máa jáde. Bí àkáǹtì bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ ṣe é fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ tó wà ní London kò nílò fóònù màmá fún èyí. Níwọ̀n bí àkáǹtì ti jẹ́ tirẹ̀, á rí gbogbo rẹ̀ lórí fóònù tirẹ̀ tàbí lórí kọ̀ǹpútà ní play.google.com.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ dá owó tó ń bọ̀ dúró kí ẹ tó béèrè èyí tó ti lọ

Nínú "Subscriptions", ẹ tẹ orúkọ áàpù náà, ẹ tẹ "Cancel subscription", ẹ máa tẹ̀ síwájú títí wọ́n á fi sọ ọjọ́ tó máa parí. Bí wọn kò bá tíì sọ ọjọ́ yẹn, ẹ kò tíì ṣe é tán. Ẹ ṣì lè máa lo áàpù náà títí di ọjọ́ tí owó tí ẹ ti san máa pé, nítorí náà kò sí ìdí láti dúró di ọjọ́ tó kù ọ̀la.

Ohun méjì kan wà tí àwọn ènìyàn rò pé ó ń dá owó dúró, tí kò sì dá a dúró. Èkíní ni kí wọ́n yọ áàpù kúrò lórí fóònù. Áàpù lọ ni, àdéhùn inú àkáǹtì wà níbẹ̀ síbẹ̀, owó á sì tún jáde lóṣù tó ń bọ̀. Ìkejì ni kí wọ́n ní kí ilé ìfowópamọ́ dí káàdì. Ilé ìtajà á tún gbìyànjú, bí káàdì mìíràn bá sì wà nínú àkáǹtì náà gẹ́gẹ́ bí àrọ́pò, ó lè lọ yọ ọ́ níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ béèrè owó lọ́wọ́ ẹni tó lè dá a padà

Lórí Google Play, wákàtí 48 ló pààlà. Bí owó náà kò bá tíì ju wákàtí 48 lọ, Google ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ lọ sí play.google.com, ẹ wọ àkáǹtì tó sanwó, ẹ wá ohun náà nínú àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ rà, ẹ tẹ "Report a problem", ẹ mú ìdí tó bá ti yín mu. Èsì sábà máa ń dé láàárín ọjọ́ 1 sí 4.

Bó bá ti ju wákàtí 48 lọ, ẹ lọ bá àwọn tó ṣe áàpù. Ibí ni wọ́n ti wúlò: bó tilẹ̀ jẹ́ pé káàdì yín kò sí lọ́wọ́ wọn, wọ́n lè fi nọ́ńbà GPA sọ fún Google pé kó dá owó náà padà. Ẹ ṣí ojú ìwé áàpù wọn lórí Google Play, ẹ wá "App support", ẹ máa rí ímeèlì wọn níbẹ̀. Ẹ má kọ "ẹ dá owó mi padà" lásán. Ẹ kọ nọ́ńbà GPA, ọjọ́ àti iye. Ẹ má fi nọ́ńbà káàdì ránṣẹ́ sí wọn láé, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, ẹni tó bá sì ń béèrè rẹ̀, ẹ sá fún un.

Ọmọ tó wà ní London á pín tirẹ̀ sí méjì. Owó oṣù Karùn-ún kò tíì pé wákàtí 48, Google ló máa béèrè ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Owó oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin, á kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí àwọn tó ṣe áàpù, á fi nọ́ńbà "..0" àti "..1" síbẹ̀, á ṣàlàyé pé ọmọdé ló tẹ̀ ẹ́ àti pé òun ti fagi lé e. Ó wà lọ́wọ́ wọn láti gbà tàbí kí wọ́n kọ̀, pàápàá bí wọ́n bá rí i pé wọ́n ń lo áàpù náà lójoojúmọ́.

Nígbà tí ẹ bá ń mú ìdí, ẹ sọ òótọ́. Ohun tí mọ̀lẹ́bí yín tẹ̀ láìmọ̀ ní ibi tirẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù. Ohun tí ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí fi àkáǹtì yín rà ní ibi tirẹ̀ lọ́tọ̀. Èyí tí ẹni àjèjì ṣe, ẹ ní ọjọ́ 120 láti fi sùn. Ẹ má sì ti ilé ìfowópamọ́ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ ní kí wọ́n fi agbára gba owó náà padà. Ilé ìtajà lè torí ìyẹn ti àkáǹtì yín pa, gbogbo ohun tí ẹ ti rà sínú rẹ̀ á sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìgbà tí gbogbo ọ̀nà tó kù bá ti dí ni mo rò pé ẹ lè lọ síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ ti ilẹ̀kùn

Lórí fóònù tí ọmọdé ń fọwọ́ kàn, ẹ ṣí Google Play, ẹ tẹ àwòrán, ẹ wọ "Settings", ẹ wá "Purchase verification". Lórí ẹ̀yà tó ti pẹ́ díẹ̀, "Require authentication for purchases" ni wọ́n kọ. Ẹ ní kó máa béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tàbí ìka ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ra nǹkan. Orí fóònù kọ̀ọ̀kan ni èyí ti ń ṣiṣẹ́, kì í tẹ̀lé àkáǹtì lọ sórí fóònù mìíràn. Nítorí náà ọmọ tó ṣe é ní London kò tíì ṣe é fún Abẹ́òkúta. Ẹnìkan ní láti di fóònù màmá mú.

Fún màmá, ohun tó dára jù ni kí wọ́n ní àkáǹtì Google tiwọn. Kí wọ́n fi kún fóònù, kí wọ́n yọ áàpù álífábẹ́ẹ̀tì kúrò, kí wọ́n bọ́ sí àkáǹtì màmá nínú Google Play, kí wọ́n wá gbé áàpù náà wá láti ibẹ̀. Láti ìgbà yẹn lọ, ímeèlì màmá ló máa yọ lórí ojú ìwé ìsanwó, náírà ló sì máa wà níbẹ̀. Kí ọmọ má wulẹ̀ máa yí orílẹ̀-èdè àkáǹtì tirẹ̀ sí Nàìjíríà nítorí èyí. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni Google ń gbà kí ènìyàn yí i, owó tó bá sì ti wà nínú rẹ̀ ní pọ́n-ùn kò ní tẹ̀lé e. Bákan náà ni káàdì ẹ̀bùn: èyí tí wọ́n rà ní London kò ní wọ àkáǹtì Nàìjíríà. Bí ọmọ bá fẹ́ sanwó fún màmá, kó fi owó ránṣẹ́ sínú ilé ìfowópamọ́ màmá.

Ibi tí iPhone ti yàtọ̀

Lórí iPhone, ẹ ṣí "Settings", ẹ tẹ orúkọ yín lókè, ẹ tẹ "Subscriptions". Bí ẹ bá fẹ́ fagi lé ìdánwò ọ̀fẹ́, ẹ ṣe é ó kéré tán wákàtí 24 kó tó parí. Ẹ tún wo "Media & Purchases" lábẹ́ orúkọ yín, torí àkáǹtì tó wà níbẹ̀ lè yàtọ̀ sí èyí tó ń tọ́jú àwòrán yín, òun ló sì ń sanwó.

Ìyàtọ̀ tó tóbi jù wà nínú dídá owó padà. Ẹni tó ṣe áàpù kò lè fúnra rẹ̀ dá owó App Store padà, bó ti wù kó fẹ́ ṣe é tó. Apple nìkan ló lè ṣe é, ní reportaproblem.apple.com, pẹ̀lú àkáǹtì tó sanwó. Ẹni tó ń fi ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan bẹ ilé-iṣẹ́ áàpù kàn ń pàdánù àkókò tó yẹ kó fi béèrè lọ́dọ̀ Apple ni.

Apple sì lè kó ohun tí ẹ rà pọ̀ kó yọ owó wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí iye inú àlẹ́ẹ̀tì kò bá dọ́gba pẹ̀lú iye ohun kankan tí ẹ rántí, ẹ ṣí rìsíìtì, ẹ ro àwọn ohun tó wà níbẹ̀ pọ̀. Bí ẹ bá wà nínú ẹgbẹ́ "Family Sharing", tí wọ́n sì ti ṣí pínpín ohun tí a rà sílẹ̀, káàdì ẹni tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ló ń san ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ yòókù bá rà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ àti ìyàwó tàbí ọkọ kí ẹ tó sọ pé olè wọ àkáǹtì yín. Fún ọmọdé inú ẹgbẹ́ náà, ẹ tan "Ask to Buy": ohun tó bá fẹ́ rà á kọ́kọ́ dé orí fóònù yín, owó kò sì ní jáde àfi tí ẹ bá gbà.